Irúgbìn ni wọ́n, àbí ilẹ̀? Lórí òwe afúnrúgbìn nínú Máàkù orí 4

Àǹtí Sọ́ńdè-sùkúù, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Mò ń kọ òwe afúnrúgbìn ní Yorùbá tó rọrùn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Máàkù 4:14 ní ọ̀rọ̀ ni afúnrúgbìn ń fún. Mo dé ẹsẹ 16, mo bá "àwọn tí a fún sórí àpáta" níbẹ̀, èèyàn sì ni wọ́n. Ṣé kí n yí i sí "àwọn tó dà bí ilẹ̀ àpáta" kó lè yé àwọn ọmọ? Mo tún fẹ́ pe àkọlé rẹ̀ ní "Òwe Ilẹ̀ Mẹ́rin". Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Àǹtí wa, ẹ má yí i. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àlàyé náà ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ibi tí àtúnṣe yẹn yóò ti dá yín dúró.

Ní ẹsẹ 15, Sátánì wá mú ọ̀rọ̀ tí a ti fún sínú àwọn ẹni ẹ̀bá ọ̀nà kúrò. Ọ̀rọ̀ ni irúgbìn níbẹ̀, èèyàn ni ilẹ̀. Ẹsẹ 16 wá sọ ti àwọn tí a fún sórí àpáta, tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ayọ̀ gbà á. Èèyàn ti di ohun tí a fún. Ẹsẹ 17 ló wá so ọ̀rọ̀ yín kọ́: wọn kò ní gbòǹgbò nínú ara wọn. Ilẹ̀ kì í ní gbòǹgbò, ohun tó hù nínú rẹ̀ ló ní in. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ lókè pé ilẹ̀ ni wọ́n, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí ibi dúró mọ́, ọmọ tó bá sì ń fara balẹ̀ kàwé yóò bi yín.

Ẹ máa kà á lọ. Ní ẹsẹ 19, àníyàn ayé, ẹ̀tàn ọrọ̀ àti ìfẹ́ àwọn nǹkan mìíràn wọlé, wọ́n sì fún ọ̀rọ̀ pa. Ọ̀rọ̀ ló wá di ohun ọ̀gbìn. Ní ẹsẹ 20, èèyàn ni a fún sórí ilẹ̀ rere, èèyàn ló sì ń so èso.

Kì í ṣe àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ló ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ló wà ní èdè Gíríìkì tí Máàkù fi kọ ọ́. Nínú Mátíù 13:19 gan-an, nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, ẹni ibi já ohun tí a fún sínú ọkàn ẹni náà gbà, gbólóhùn tó sì tẹ̀ lé e ni pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ẹni tí a fún sí ẹ̀bá ọ̀nà. Lúùkù 8:11 là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni irúgbìn, síbẹ̀ nígbà tó dé ẹsẹ 14, ó ní èyí tó bọ́ sáàárín ẹ̀gún ni àwọn tó gbọ́, tí àníyàn, ọrọ̀ àti adùn ayé sì fún pa.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ta gbòǹgbò nínú èèyàn, a kò tún lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ wo Kólósè orí 1. Ní ẹsẹ 6, ìhìn rere ló ń so èso tó sì ń dàgbà. Ní ẹsẹ 10, àwọn onígbàgbọ́ ló ń so èso tí wọ́n sì ń dàgbà.

Alága Ẹgbẹ́ Akọrin, Òkèsà, Iléṣà

Bàbá, ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ fi í gùn jù. Jésù ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú Mátíù 13. Ọmọ Ènìyàn ni afúnrúgbìn, irúgbìn rere sì ni àwọn ọmọ ìjọba. Èèyàn ni irúgbìn, ó parí. Ohun tó yẹ kí Àǹtí kọ́ àwọn ọmọ ni pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irúgbìn náà ló ṣòfò.

Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Alága, inú orí kan náà lẹ ti mú un, àmọ́ òwe mìíràn ni. Mátíù 13:37 àti 38 ń túmọ̀ òwe èpò inú oko. Nínú òwe tiwa yìí, kò síbi tí àlàyé náà ti sọ ẹni tí afúnrúgbìn jẹ́. Ohun tí Máàkù 4:14 sọ kò ju pé afúnrúgbìn ń fún ọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tí ẹ mú wá wúlò, torí ó fi hàn pé kì í ṣe ohun àjèjì fún ẹni tó kọ Mátíù láti pe èèyàn ní irúgbìn.

Ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mi ò lè gbà. Ẹ̀ka ibi tí irúgbìn bọ́ sí ni mẹ́rin, a kò gbọ́ iye tó bọ́ síbì kọ̀ọ̀kan. Nínú Gíríìkì Máàkù, ẹyọ ni ọ̀rọ̀ tó lò fún irúgbìn ẹ̀bá ọ̀nà, ti orí àpáta àti ti àárín ẹ̀gún. Ìgbà tó dé ilẹ̀ rere ló tó lo ọ̀pọ̀, ló bá ní ọgbọ̀n, ọgọ́ta àti ọgọ́rùn-ún. "Òmíràn" tí a ń kọ ní Yorùbá bo èyí mọ́lẹ̀, torí ẹyọ àti ọ̀pọ̀ rí bákan náà nínú rẹ̀. Mátíù ní tirẹ̀ lo ọ̀pọ̀ látòkè délẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fojú inú wo oko tí Máàkù ń sọ, oko tó dára ni mo ń rí, tí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí àpáta sì wà lábẹ́ apá kan.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rò pé bí a ṣe ń fún irúgbìn ni Àǹtí ń bèèrè, kí n tó kà á tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Àgbàdo, ihò la ń gbẹ́ fún un. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ la máa ń fọ́n. Ewédú, a ó ti kọ́kọ́ da omi gbígbóná sí irúgbìn rẹ̀ kó lè tètè hù, a ó sì pò ó mọ́ iyanrìn kó má baà wọ́ jọ síbì kan.

Ní àkùrọ̀ tí mo ń dá, àpáta pẹrẹsẹ wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ìgun kan. Ẹ kò lè fojú rí i, torí erùpẹ̀ bò ó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ki ìka bọ̀ ọ́, ìka yóò kan òkúta kó tó wọlé tán. Ewédú ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọrí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ibẹ̀ ló dára jù. Bí òjò bá wá dá dúró bí ọjọ́ mélòó kan, òun náà ló máa kọ́kọ́ rọ. Ẹ fà á tu, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò ríbi wọ̀.

Àǹtí Sọ́ńdè-sùkúù, Iléṣà

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ilẹ̀ tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ti ń rò látijọ́, mo tiẹ̀ ti kọ "ilẹ̀ olókùúta" sílẹ̀. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ wá ni Máàkù ń sọ?

Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Òun ni. Ẹsẹ 5 sọ ìdí tó fi hù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní torí pé ilẹ̀ náà kò jìn. Lúùkù 8:6 ní kò rí omi ló fi gbẹ. Bí ẹ bá kọ "ilẹ̀ olókùúta", ìdí méjèèjì sọnù. Ẹ kọ "orí àpáta tí erùpẹ̀ bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́".

Ẹ ṣọ́ ti ẹ̀gún náà. Ẹsẹ 7 ní ẹ̀gún "dàgbà sókè", kò ní igi ẹ̀gún ti dúró gbagidi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún irúgbìn. Ilẹ̀ tí wọ́n ro tí wọn kò hú gbòǹgbò ẹ̀gún rẹ̀ ló bá a mu, tí irúgbìn àti ẹ̀gún sì jọ jáde.

Ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, ṣé a tiẹ̀ lè sọ pé Jésù ló ṣe àlàyé yìí? Òwe náà wà nínú Ìhìnrere Tọ́másì, lára àwọn ìwé tí wọ́n rí ní Nágì Hamádì ní ilẹ̀ Íjíbítì lọ́dún 1945. Ọ̀rọ̀ kẹsàn-án ni. Afúnrúgbìn wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀, àpáta àti ẹ̀gún wà níbẹ̀, èso sì dé ọgọ́ta àti ọgọ́fà. Kò sí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ìjọ ìbẹ̀rẹ̀ ló fi àlàyé náà kún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ òwe náà lè máà ní ọ̀rọ̀ àti èèyàn lọ́kàn rárá.

Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi, o kàwé. Èmi kò gbà pé àìsí àlàyé nínú Tọ́másì fi hàn pé kò sí i níbẹ̀rẹ̀, torí ìwé yẹn kì í sábà ṣàlàyé òwe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti ẹ̀yìn àwọn ọ̀mọ̀wé tí o sọ. "Ọ̀rọ̀ náà" lásán, tí a kò ní ti Ọlọ́run ni tàbí ti ìjọba, bí àwọn onígbàgbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń pe ìwàásù wọn nìyẹn. Èmi àti ìwọ kò ní yanjú rẹ̀ lónìí. Inú Máàkù tí Àǹtí ń túmọ̀ ni àlàyé wà, bó ṣe wà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ti àkọlé ni pé Mátíù 13:18 ti pè é ní òwe afúnrúgbìn. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. "Ilẹ̀ Mẹ́rin" yóò tún dá wa padà sí pé ilẹ̀ ni èèyàn.

Alága Ẹgbẹ́ Akọrin, Òkèsà, Iléṣà

Mo gbà yín lórí òwe èpò. Àmọ́ lórí àkọlé, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹni ẹ̀bá ọ̀nà gbọ́, ẹni ilẹ̀ rere náà gbọ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ló yàtọ̀. "Òwe Olùgbọ́" ni èmi yóò pè é.

Àǹtí Sọ́ńdè-sùkúù, Iléṣà

Ẹ ṣé o. Màá fi àkọlé Mátíù sílẹ̀. Ohun kan ló kù. "Fún" ni a fi ń fún irúgbìn, "fún" náà ni ẹ̀gún fi ń fún un pa. Lójú ìwé kan náà, àwọn ọmọ á ṣì í kà. Ṣé kí n pè é ní "afọ́nrúgbìn"?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Fọ́n la ń sọ lóko. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Èmi kò fẹ́ ẹ. Afúnrúgbìn ni àwọn òbí wọn mọ̀, òun ni wọn yóò sì gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kúkú yí ti ẹ̀gún sí "ó há a mọ́ títí ó fi kú".

Àǹtí Sọ́ńdè-sùkúù, Iléṣà

Màá ṣì rò ó wò. Bí mo ṣe kọ ẹsẹ 16 àti 17 nìyí: "Àwọn kan dà bí irúgbìn tó bọ́ sórí àpáta tí erùpẹ̀ bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi ayọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gbòǹgbò, wọn kì í pẹ́. Nígbà tí ìpọ́njú tàbí inúnibíni bá dé nítorí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ṣubú."

Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Ó dára. Ẹ ti yọ "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" kúrò níbi méjì, ẹ dá a padà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n gbà á, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n ṣubú, bí irúgbìn náà ṣe hù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní ẹsẹ 5.