Ẹ gbà mí o, Excel ń jẹ wákàtí àwọn èèyàn

Mọ́rẹ́nikẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí lánàá. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ka wákàtí iṣẹ́ àwọn èèyàn wa láti ìgbà tí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti kúrò. Kò kọ́ mi ní nǹkan kan kó tó lọ, àfi pé "Excel á ṣe é fúnra rẹ̀." Lánàá, ọ̀kan nínú wọn dúró tì mí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní mo jẹ wákàtí òun. Mo ro ọjọ́ márààrún rẹ̀ pọ̀ lórí ìwé, 43:30 ni mo rí. Excel ní 10:10. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 10:10 náà ni. Ọ̀gá mi sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ odidi ọjọ́ kan ni mo fi kun àwọ̀ sí tábìlì yẹn. Fọ́múlà náà kò ju èyí lọ:

```
=SUM(B2:B6)
```

Kí ni mo fi ṣe Excel? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Bàbá Ìbejì
Kò sí ohun tó ṣe fọ́múlà yín. Ojú aago ni Excel fi ń hàn yín, kì í ṣe iye wákàtí. Bí aago bá ti lu 24, a padà sí òdo, bí aago ara ògiri ṣe ń ṣe. Ẹ dúró lórí àpótí àròpọ̀, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ wọ Number, ẹ yan Custom, kí ẹ kọ èyí sí àyè Type:

```
[h]:mm
```

Àkámọ́ onígun yẹn ló ń sọ fún un pé kó máa kà lọ, kó má padà sí òdo.

Ọmọ Ọlọ́jà
Kí ni gbogbo wàhálà Ctrl+1 yìí fún? Èyí ni mo ń lò láti ọjọ́ yìí:

```
=TEXT(SUM(B2:B6),"[h]:mm")
```

Bàbá Ìbejì
Ọmọ Ọlọ́jà, ojú nìkan ni tìrẹ dára fún. Ó ti sọ àròpọ̀ di ọ̀rọ̀ lásán. Ní ìparí oṣù, bó o bá ní kí SUM ro irú àpótí mẹ́rin bẹ́ẹ̀ pọ̀, òdo ni yóò fún ẹ.

Ọmọ Ọlọ́jà
Èmi ò ro oṣù pọ̀ rí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Ṣadé Òru
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà wà níbẹ̀. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, mo ń wọlé ní 22:00, mo ń jáde ní 6:00. Bí mo bá yọ ìgbà tí mo wọlé kúrò nínú ìgbà tí mo jáde, ##### ló ń kún àpótí. Mo ti fẹ àpótí náà títí, kò sí ìyàtọ̀.

Bàbá Ìbejì
Ṣadé, fífẹ̀ kọ́. Wákàtí tó dín sí òdo ni Excel ò lè kọ. Bí B2 bá jẹ́ ìwọlé, tí C2 jẹ́ ìjáde, lo =MOD(C2-B2,1), wàá rí 8:00. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ la wà o.

Àlàbí
Ẹ dúró ná. Ìṣirò yìí ò bára mu. Bó bá jẹ́ àkámọ́ nìkan ni kò sí, ẹ yọ 24 kúrò nínú 43:30, 19:30 ló kù, ohun tó yẹ kó hàn nìyẹn. Òun wá ní 10:10. Ìyẹn ni pé 34:10 ló wà nínú àpótí náà gan-an, 9:20 sì ti sọnù pátápátá kí ọ̀rọ̀ àkámọ́ tó dé. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọjọ́ wo lẹni yẹn fi 9:20 ṣiṣẹ́? Ẹ kọ ọjọ́ márààrún síbí.

Ìyá Kékeré
Ẹ̀yin ọmọ yìí náà. Ẹni tó ń béèrè ìmọ̀ràn kì í fi nọ́ńbà pamọ́. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kọ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ tábìlì.

Mọ́rẹ́nikẹ́
Mà, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ṣe [h]:mm tí wọ́n ní kí n ṣe, 34:10 ló wá gbé jáde, bí Ẹ̀gbọ́n Àlàbí ṣe wí, ó tilẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ajé 8:30, Ìṣẹ́gun 9:15, Ọjọ́rú 7:45, Ọjọ́bọ̀ 8:40, Ẹtì 9:20. Èmi fúnra mi ni mo tẹ gbogbo wọn.

Ọmọ Ọlọ́jà
Ṣé ẹ rí i? Ẹ kọ 8.30, kí ẹ fi àmì méjì yẹn sílẹ̀. Nọ́ńbà gidi nìyẹn.

Àlàbí
Rárá o. 8.30 lójú Excel ni ọjọ́ mẹ́jọ àti díẹ̀. Bí ẹ bá fi [h]:mm lé e lórí, 199:12 ni yóò kọ. Ẹni tó bá fẹ́ ojúamì kó kọ 8.5, nítorí ìṣẹ́jú 30 jẹ́ ìdajì wákàtí.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ti Ẹtì ni SUM ò rí. Ẹ wo B6: ṣé apá òsì ni 9:20 fara tì, tí àwọn tó kù wà ní apá ọ̀tún? Ẹ kọ =ISNUMBER(B6) sí àpótí òfìfo kan, kí ẹ sọ ohun tó jáde.

Mọ́rẹ́nikẹ́
FALSE.

Ó dáa, kí n sọ òótọ́. Mi ò tẹ ti Ẹtì. Mi ò kì í sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n máa ń fi wákàtí wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo sì ń dà á kọ sínú tábìlì bó ṣe wà. Mo tún ti yí àpótí Ẹtì sí Text kí Excel má bàa dán nǹkan wò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo yí i padà sí Time, kò yí nǹkan kan padà.

Àlàbí
Kò ní yí. Ọ̀rọ̀ tó ti wọ àpótí kì í di nọ́ńbà nítorí pé ẹ pààrọ̀ ìrísí rẹ̀, àfi bí ẹ bá tún un tẹ̀ wọlé. Ẹ dúró lórí B6, ẹ tẹ F2, lẹ́yìn náà Enter. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ yan gbogbo wọn, ẹ lọ sí Data, Text to Columns, kí ẹ kàn tẹ Finish.

Mọ́rẹ́nikẹ́
43:30! Ọlọ́run ṣeun! Ó ku owó. Mo fi àròpọ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀ owó wákàtí kan, ká ní 1,000, 1,812.5 ló gbé wá.

Bàbá Ìbejì
Ọjọ́ ni Excel ń kà nínú, 43:30 lójú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 1.8125. Bí àròpọ̀ yín bá wà ní B7, ẹ sọ ọ́ di wákàtí:

```
=B7*24*1000
```

Ẹ fi General sórí àpótí náà, 43500 ni yóò kọ.

Ìyá Kékeré
Èmi fẹ́ mọ èyí: Ẹtì mélòó lo ti dà kọ báyìí?

Mọ́rẹ́nikẹ́
Mà, láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ náà ni.

Àlàbí
Ẹ má dá ẹnì kan lẹ́bi kí ẹ tó kà á. Lábẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ =COUNT(B2:B6). Ẹni tó bá wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ márààrún, 5 ló yẹ kí ẹ rí.

Mọ́rẹ́nikẹ́
Mo ti ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. 4, 4, 4. Mò ń lọ bá ọ̀gá mi.