Gíráàfù T² sí L mi tọ́, ṣùgbọ́n kò gba oríjìn kọjá. Ṣé kí n fipá mú un gbabẹ̀?

Bùkọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù la fi ń wá g. Nígbà tí mo ya T sí L, ìlà náà tẹ̀, mi ò rí gírédíẹ́ǹtì kan pàtó mú. Mo wá sọ T = 2π√(L/g) di T² = (4π²/g)L. Àkókò fífì 20 nìyí:

```
L (m)    t (s)    T² (s²)
0.20     18.8     0.88
0.40     26.0     1.69
0.60     31.6     2.50
0.80     36.4     3.31
1.00     40.5     4.10
```

Ó tọ́ gbọọrọ báyìí, àmọ́ ó gé òpó T² ní 0.08.

Káyọ̀dé: Bí L bá jẹ́ òdo, T náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Fi rúlà gba oríjìn, kò sí wàhálà.

Ṣadé: Sípíríńgì ni tèmi, T² sí ìwọ̀n ẹrù tí mo so kọ́ ọ. Òun náà kò gba oríjìn. Wọ́n ní ìwọ̀n sípíríńgì fúnra rẹ̀ ló fà á. Ṣé okùn tìrẹ wúwo ni?

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí: Káyọ̀dé, òótọ́ lo sọ nípa òdo, ṣùgbọ́n L wo? Láti ibi tí okùn rọ̀ sí dé àárín irin rogodo ni L inú fọ́múlà. Bùkọ́lá, ibo lo wọn tìrẹ dé?

Bùkọ́lá: Dé ibi kókó tó wà lórí irin ni, sà. “Gígùn okùn” ni wọ́n kọ sínú ìwé ìlànà.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí: Ibẹ̀ ló ti wá. Gbogbo gígùn rẹ ló fi iye kan náà kéré, ká pè é ní r. Ìyẹn ni pé T² = (4π²/g)(L + r). Ìlà náà kàn sún sókè ni, gírédíẹ́ǹtì rẹ̀ kò yí. (4.10 − 0.88) ÷ 0.80 jẹ́ nǹkan bíi 4.02, g sì di 9.82. Tí o bá fipá mú un gba oríjìn, o ti ba gírédíẹ́ǹtì yẹn jẹ́ nìyẹn. Wò ó: àmì tó kẹ́yìn nìkan, láti oríjìn, á fún ọ ní 9.63; àmì àkọ́kọ́ á fún ọ ní nǹkan bíi 8.9. Nígbà tí g bá ń ga bí okùn ṣe ń gùn, fura sí ibi tí o wọn okùn dé. 0.08 ÷ 4.02 jẹ́ 0.02 m. Wọn irin rogodo yẹn, ó yẹ kó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.

Bùkọ́lá: 3.8 ni, sà! Ẹ ṣeun gan-an.

Táíwò: Èmi á kúkú ya log T sí log L. Gírédíẹ́ǹtì á jẹ́ 0.5, ọ̀rọ̀ oríjìn ò ní wáyé rárá.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí: Àfi tó bá ti fi r kún L. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe wà, nǹkan bíi 0.48 ló máa rí, ìlà náà á sì tẹ̀ díẹ̀ níbi tí okùn ti kúrú. Lọ́ọ̀gù kì í gbé ohun tí a gbàgbé láti fi kún un jáde bí T² ṣe ń ṣe.

Káyọ̀dé: Ó yé mi. Igun tó ti jù ú sílẹ̀ wá ńkọ́? Bí igun bá tóbi, tí kò sì yí padà, gbogbo T ló máa pọ̀ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní 30°, T² fi nǹkan bíi 3.5% pọ̀ sí i. Ìlà á ṣì tọ́, g á kàn kéré, gíráàfù ò sì ní fi hàn ọ́. Bùkọ́lá, igun mélòó lo lò?

Bùkọ́lá: Mi ò wọ̀n ọ́n, sà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ iye rẹ̀.