Yàúùtì mi ò dì, ìwúkàrà wo ni kí n lò lálẹ́ yìí?

Ìyá Ẹ̀bùn, Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Wọ́n gba dẹ̀gẹ̀ lọ́wọ́ mi fún ìkómọ ọ̀la, yàúùtì tí mo ṣe láàárọ̀ ò sì dì, omi lásán ni. Ìwúkàrà wo ló dáa jù, ṣé ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì ni àbí kí n tún fi yàúùtì àtijọ́ tí mo tọ́jú ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀? Ẹ tètè dáhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Àǹtí Ràmá, Wàndó
Má ra ti sáṣẹ́ẹ̀tì o! Mo rà á lọ́jà lọ́dún tó kọjá, mo da á sí mílíìkì odidi garawa kan. Wákàtí mẹ́ta, omi ṣì ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Ayédèrú ni gbogbo wọn.

Ọmọ Kétu
Gbogbo wọn kọ́, Àǹtí. Òun nìyàwó mi ń lò, ó sì ń dì bí ògì tútù.

Lábù Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ kú ìdààmú, Ìyá Ẹ̀bùn. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, ó ti pẹ́ tó nínú fíríjì? Báwo sì ni mílíìkì ṣe gbóná tó nígbà tẹ́ ẹ dà á sí i?

Àǹtí Ràmá, ẹ má bínú, wákàtí mẹ́ta kéré fún ti sáṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gbẹ àwọn bakitéríà inú rẹ̀ gbẹrẹfu. Tí wọ́n bá kan mílíìkì, wọ́n á kọ́kọ́ fa omi mu, wọ́n á tún ara wọn tó ti bàjẹ́ ṣe, wọ́n á sì pèsè èròjà tí wọ́n á fi jẹ ṣúgà inú mílíìkì. Títí wọ́n á fi ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹyọ kan kì í lé lórí iye wọn. Ìgbà ìmúra là ń pè é. Ẹni tó bá ń wo ìkòkò á rò pé wọ́n ti kú.

Àǹtí Ràmá, Wàndó
Ìmúra wo? Ẹni tó tà á fún mi, mi ò rí i ní ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ títí dòní. Ṣé òun náà ń múra ni?

Ọmọ Kétu
😂😂 Ẹ jẹ́ kó parí ìmúra.

Kòlá Alákara
Ẹ fi èyí sílẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ sọ ìwúkàrà yín di ìlọ́po méjì, àkókò á dín sí ìdajì. Tí wọ́n bá pọ̀, akọ àti abo á tètè pàdé.

Lábù Ṣábẹ̀ẹ́
Kòlá, kò sí akọ, kò sí abo. Ẹyọ kan ló ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Á kọ́kọ́ da okùn àbùdá rẹ̀ kọ, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kọ á fà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara á máa gùn sí i. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní FtsZ á wá so bí òrùka sí àárín gbùngbùn, ògiri tuntun á hù wọnú láti etí òrùka náà títí á fi pààlà láàárín àwọn méjèèjì. Sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì inú yàúùtì kì í sábà já kúrò lára ara wọn lẹ́yìn náà. Nínú maikirosíkóòpù, ẹ ó rí wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ti ìlọ́po méjì yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ìwúkàrà tuntun fún wa ní bakitéríà alààyè mílíọ̀nù 1 nínú mílílítà mílíìkì kan, ká sì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń pín. 1 á di 2, 2 á di 4. Tí wọ́n bá pín lẹ́ẹ̀mẹjọ, wọ́n á di mílíọ̀nù 256, ká gbà pé ibẹ̀ ni mílíìkì ti ń dì. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 2, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fò nínú pípín náà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ jèrè, kì í ṣe wákàtí méjì.

Ìyá Ẹ̀bùn, Àjàṣẹ́
Ìwúkàrà náà ò tíì pé oṣù méjì. Fíríjì ló wà, ṣùgbọ́n kúránù máa ń lọ. Mílíìkì ò gbóná ju kí n ti ìka bọ̀ ọ́ lọ.

Lábù Ṣábẹ̀ẹ́
Háà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lẹ́yìn tí yàúùtì bá ti dì, bakitéríà inú rẹ̀ á ṣíwọ́ pípọ̀, wọ́n á dúró lójú kan fúngbà díẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú ekan tí àwọn fúnra wọn pọn. Òtútù máa ń fa ikú yẹn sẹ́yìn; kúránù tó ń lọ tó ń bọ̀ á tún tì í síwájú. Ká ní ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù nínú 32. Pípín márùn-ún lẹ fi rẹ̀yìn, wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Èyí tó ṣẹ́ kù náà ti rẹ̀, á pẹ́ níbi ìmúra, ká ní wákàtí méjì. Wákàtí mẹ́rin ti di mẹ́jọ ààbọ̀. Tí mílíìkì bá tún tutù kó tó dìgbà yẹn, pípín á fà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ wá yàúùtì tí wọ́n ṣe lánàá tàbí lónìí, tí wọn ò tíì fi ṣúgà sí, ṣíbí méjì-mẹ́ta sí lítà kan. Mílíìkì ní ìwọ̀n ooru 43; tó bá kọjá 50, ó lè pa wọ́n. Ti àárọ̀ yẹn, ẹ dà á nù. Kòkòrò míì ti ráyè nínú mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ látàárọ̀ tí kò kan.

Bàbá Tọ́pẹ́
Ẹ ṣeun. Ọmọ mi fẹ́ ṣe bakaloréà, wọ́n ní kó ya ìlà bí bakitéríà ṣe ń pọ̀. Ṣé torí oúnjẹ tán nìlà yẹn fi ń tẹ́ lókè?

Kòlá Alákara
Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ tán.

Lábù Ṣábẹ̀ẹ́
Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìgò láàbù. Nínú yàúùtì, ó ju ìdajì ṣúgà mílíìkì lọ tó ṣì wà níbẹ̀. Ekan ló dá wọn dúró: pH mílíìkì, tó máa ń relẹ̀ bó ṣe ń kan sí i, bẹ̀rẹ̀ ní bíi 6.6, ó dì ní nǹkan bíi 4.6. Kí ọmọ wo ohun tí ìbéèrè sọ nípa oúnjẹ àti ekan kó tó kọ ìdí. Kó sì rántí pé kì í ṣe pé gbogbo wọn sùn nígbà tí ìlà tẹ́. Àwọn kan lè máa pín kí àwọn kan máa kú.

Kòlá Alákara
Oúnjẹ ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé.

Ìyá Ẹ̀bùn, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun o. Mi ò rí yàúùtì aláìníṣúgà ní gbogbo àdúgbò. Mo ti ra sáṣẹ́ẹ̀tì. Mo da ti àtijọ́ náà mọ́ ọn, kó má baà ṣòfò. Mílíìkì tuntun ni, ó ti wà nínú gilasíà.

Lábù Ṣábẹ̀ẹ́
Ti àtijọ́ yẹn ò fi nǹkan kan kún un, ṣùgbọ́n ó ti wọlé ná. Ẹ fi aṣọ nípọn wé gilasíà, ẹ má ṣí i títí di ìdájí. Tó bá ṣàn nígbà náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ sì tọ́ díẹ̀ wò. Tó bá ti ń kan, ó ti kúrò níbi ìmúra, ẹ fún un ní wákàtí méjì sí i. Tí kò bá kan rárá, ẹ pe àwọn tó fẹ́ ṣe ìkómọ yẹn.

Àǹtí Ràmá, Wàndó
Èmi ti sọ tèmi o.

Ọmọ Kétu
Ìyá Ẹ̀bùn, sáṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wo lẹ rà? Ìyàwó mi ní méjì ló wà lọ́jà.