Ẹ bá mi wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, òòyì sì ń kọ́ ọ. Ó fi fótò èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ Ajé ló máa tó rí dókítà.

Ẹmoglobíínì rẹ̀, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 9,8. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni 12 sí 16. VGM, ìyẹn bí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi sí, jẹ́ 68, ó sì yẹ kó wà láàárín 80 sí 100. Méjèèjì ni wọ́n fi àmì sí.

Mo mọ̀ pé ara èèyàn tí ara wọn le ni wọ́n ti mú ìwọ̀n yẹn, àti pé nǹkan bí 5 nínú 100 wọn máa ń bọ́ sí ìta rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí jìnnà jù fún ìyẹn. Nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, nítorí náà àìtó irin nínú ara ni mo fura sí. Àmọ́ mo gbọ́ pé talasemíà, tí wọ́n ń jogún, náà máa ń sọ hóró di kékeré.

Kò sí fẹ́rítínì, èyí tó ń fi bí irin tí ara tọ́jú pamọ́ ṣe pọ̀ tó hàn, lórí ìwé náà. Ṣé òun ni kí a ní kí wọ́n yẹ̀ wò? Ṣé kó dúró dè é kó tó lo oògùn irin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.