Àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìpinnu ìgbìmọ̀ fún báńkì ní Kútọnu

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́, Èkó: «A fẹ́ ṣí àkáǹtì ní Kútọnu, báńkì sì ní kí a túmọ̀ ìwé ìgbìmọ̀ wa láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé. Nítorí àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tí kì í ka Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ́kọ́ ṣe ti Yorùbá, mo sì pè é ní ‹ìṣẹ́jú ìpàdé› àti ‹àbá ìgbìmọ̀›. Ṣé ó tọ̀nà?»

Bàbá Olùkọ́, Ìbàdàn: Ìṣẹ́jú kẹ̀? Ṣé aago ni ẹ fẹ́ gbé lọ sí báńkì ni? Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni àwọn bàbá wa tó ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń pè é. Àbá sì ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ohun tí a bá ti fẹnu kò sí ti kúrò ní àbá, ìpinnu ni.

Atúmọ̀, Àjàṣẹ́: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìpinnu ni báńkì ń wá: kí ìwé sọ pé ìgbìmọ̀ ti pinnu láti ṣí àkáǹtì, kí ó sì dárúkọ àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí i. Ìwé kan tí mo rí kọ ọ́ báyìí: «Adé, Bísí àti Kọ́lá ni yóò máa fọwọ́ sí i.» Báńkì dá a padà, nítorí kò yé wọn bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tàbí ọ̀kan ṣoṣo tó. Ìgbìmọ̀ tún un kọ pé «méjì èyíkéyìí nínú wọn, papọ̀», kí n tó túmọ̀ rẹ̀, nítorí pé atúmọ̀ tó ti búra nílé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ fi èrò tirẹ̀ kún ìwé. Bí orúkọ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìnnà, ilé-iṣẹ́ ni yóò tún un ṣe. Èdìdì àti ìfọwọ́sí pàápàá, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ pé wọ́n wà, ní ibi tí wọ́n wà gan-an.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ ìwé ìbí ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè.

Atúmọ̀: Ìyá wa, ìwé ìbí nìyẹn, ti báńkì kò rí bẹ́ẹ̀.

Amòfin, Abẹ́òkúta: Èdìdì wo? Òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020 kò fi í ṣe dandan mọ́ ní Nàìjíríà.

Atúmọ̀: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kò de báńkì Kútọnu, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tẹ ìwé. Ẹ tún ṣọ́ra fún «olùdarí» tí àwọn kan fi ń pe ọmọ ìgbìmọ̀. Bí a bá sọ ọ́ di «dirẹkitọ̀» ní Faransé, ọ̀gá tí ilé-iṣẹ́ gbà síṣẹ́ ni wọn yóò rò pé ó jẹ́. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni «adiminisitiratọ̀». Nítorí èyí, «ọmọ ìgbìmọ̀» ni mo máa ń kọ ní Yorùbá.

Bàbá Olùkọ́: N kò gbà. «Olù-» náà ni ó wà nínú olùkọ́. Ẹni tó ń darí ni olùdarí, yálà ó ń gba owó oṣù tàbí kò gbà á. Ṣé nítorí Faransé ni kí a yí ọ̀rọ̀ tiwa padà?

Atúmọ̀: Bàbá, ẹ kọ «olùdarí» sínú ti Yorùbá bí ẹ bá fẹ́, èmi kò ní kọ «dirẹkitọ̀» sínú ti Faransé.