Ìfun pípá ni àbí èèwọ̀ àlìkámà?

Láagéré, Ilé-Ifẹ̀:
"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí àbúrò mi bá jẹ búrẹ́dì tàbí sẹmó, inú rẹ̀ á wú, á wá máa yàgbẹ́ gbuuru, ó sì ti rù débi pé ṣòkòtò kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Dókítà ní ó jọ àrùn sílíákì. Mo pè é ní 'èèwọ̀ àlìkámà' nínú lẹ́tà tí mo ń kọ sí àwọn ará ilé. Ṣé ó tọ̀nà?"

Bàbá Olùkọ́, Iléṣà:
Kò tọ̀nà rárá, ọmọ mi. Ohun tí ìdílé kì í jẹ ni èèwọ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ á ṣe ètùtù. Ìdílé wo ló ka búrẹ́dì léèwọ̀? Àwọn àgbà tó tọ́ wa dàgbà ní Ìjọka kì í da èèwọ̀ pọ̀ mọ́ àìsàn. Ìwúkàrà inú búrẹ́dì ló ń wú u nínú, bó ṣe ń wú ìyẹ̀fun. "Ìwúnú búrẹ́dì" ni kí o kọ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀kẹ̀sà, Iléṣà:
Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò sí ìwúkàrà nínú sẹmó, bẹ́ẹ̀ sẹmó náà ń dà á láàmú. Ohun tó wà nínú méjèèjì ni àlìkámà. Ohun kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gúlúténì, òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun máa fà bí a bá pò ó. Inú ènìyàn kì í lè dà á tán, àjákù rẹ̀ máa ń kù. Nínú ọ̀pọ̀ wa, àjákù yìí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan tó jogún rẹ̀ láti ilé, àwọn ọmọ ogun ara á rí i bí ọ̀tá, ara ògiri ìfun kékeré gan-an ni wọ́n sì ti máa ń ja ogun náà.

Ẹ ranti ṣàkì tí a ti fọ̀ mọ́, bó ṣe rú wúruwùru lójú. Ojú inú ìfun kékeré rú bẹ́ẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ wẹ́ púpọ̀, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ogun náà bá pẹ́, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí á máa kúrú, wọn á kúrú títí ojú ìfun á fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbà náà, ènìyàn ń jẹun, oúnjẹ kò rí ibi wọlé. Ṣúgà àti ìyẹ̀fun tí kò wọlé á ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, ìyẹn ló di ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn kòkòrò tó ń gbé níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á pọ̀, inú á wú. Ọ̀rá tí kò wọlé á bá ìgbẹ́ jáde: ìgbẹ́ á ràn funfun, á rùn gan-an, á léfòó, ẹ ó da omi sí i títí kò ní í fẹ́ lọ. Kí ọmọ náà má rù báwo?

Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní "àrùn ìfun pípá". Orí tí irun tán lórí rẹ̀ là ń pè ní orí pípá. Ìfun tí ojú rẹ̀ tẹ́ náà ti pá.

Màmá Oníbúrẹ́dì, Ìrẹ̀mọ:
Ṣé búrẹ́dì wa lẹ wá ń bà jẹ́ báyìí? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì, mò ń jẹ ẹ́, inú mi kì í wú. Wàrà ni tèmi. Bí mo bá mu wàrà màlúù, títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni inú á máa kùn. Ṣé ìfun tèmi náà ti pá ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀kẹ̀sà:
Rárá o, Màmá, kò sẹ́ni tó bú búrẹ́dì yín. Ohun tó ń gé ṣúgà wàrà wà ní orí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yẹn gan-an, ní ṣóńṣó wọn. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ó máa ń dín kù fúnra rẹ̀, láìsí ogun kankan. Ó jọ pé tiyín nìyẹn. Ẹni tó bá ní sílíákì lè máà lè mu wàrà pẹ̀lú, torí pé ṣóńṣó náà ti lọ. Ṣùgbọ́n bó bá fi àlìkámà sílẹ̀ tí ojú ìfun sì tún rú padà, wàrà lè tún bá a lára mu.

Bàbá Olùkọ́:
Mo gbà nípa ìwúkàrà. N kò gba "pípá". Ẹni tí kò fi àmì sí i á kà á sí "pípa", a ó wá máa sọ fún ìyá ọmọ pé àrùn tó ń pa ìfun ni. Àti pé irun ló ń pá! Ẹran kì í pá. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹran pá?

Akọ́mọlédè Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀:
Bàbá, pápá tí koríko rẹ̀ tán ńkọ́? Èmi kò bá "pá" jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé orúkọ náà kò mú ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà. Kòkòrò jíádíà inú omi ẹlẹ́gbin náà lè mú kí ojú ìfun tẹ́, àwọn àrùn mìíràn sì wà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ ìfun pípá, báwo la ó ṣe mọ èyí tí búrẹ́dì fà? Willem Dicke, oníṣègùn ọmọdé ará Nẹ́dálàndì, rí i nígbà ebi ọdún 1944 sí 1945 pé búrẹ́dì wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí sì ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àrùn padà dé. Ẹ fi àlìkámà sínú orúkọ náà!

Nọ́ọ̀sì Ọ̀kẹ̀sà:
Ẹ ṣé, sà. Báálì tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì àti bíà náà ń dá a sílẹ̀. Bí orúkọ bá ní àlìkámà nìkan, àbúrò yìí á fi búrẹ́dì sílẹ̀, á sì máa mu mọ́ọ̀tì ní òde ìnáwó, a ó wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí inú ṣì ń wú.

Láagéré:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Ó ti ń jẹ ẹ̀bà àti iyán nìkan fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ sì ti ń bọ̀ sípò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá kò rí nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe sílíákì mọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀kẹ̀sà:
Àbúrò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun ara ń rọ ni àyẹ̀wò náà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Bí àlìkámà kò bá wọlé mọ́, wọn á dẹwọ́, ohun ìjà á máa tán lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì dà bí ti ẹni tí kò ní nǹkan kan. Kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí ó sọ pé òun ti fi àlìkámà sílẹ̀ kí òun tó ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n lè ní kó tún máa jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6, kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lè gba ọ̀nà ọ̀fun ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà wọlé, kí wọ́n sì gé bíńtín lára ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Ibi tó bá tẹ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣì rú, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gé ẹyọ kan ṣoṣo.

Bó bá wá jẹ́ òun ni, kì í ṣe búrẹ́dì nìkan. Ẹ ṣọ́ èlùbọ́ pàápàá. Bí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ àlìkámà tán nínú ẹ̀rọ kan náà, ti tẹ́lẹ̀ á kù sára ẹ̀rọ, á sì bá èlùbọ́ yín lọ.

Bàbá Olùkọ́:
Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran kì í pá, pápá tí Mọ̀ọ̀rẹ̀ sì mẹ́nu bà, koríko ló tán lórí rẹ̀. Kí ó fèsì.

Akọ́mọlédè Mọ̀ọ̀rẹ̀:
Màá fèsì lọ́la, Bàbá. Ẹ tọ́jú ìwé atúmọ̀ èdè yín sí tòsí.