Ìpàdé oṣooṣù wa ń gba wákàtí mẹ́rin, a kì í sì pinnu nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

Mopélọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù keje rèé tí wọ́n ti ní kí n máa darí ìpàdé kan níbi iṣẹ́ mi. Àwọn ará ọjà títà, àwọn tó ń ṣe ọjà, ilé ẹrù àti ẹ̀ka ìnáwó ló ń pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ohun tí a máa tà, ohun tí a máa ṣe, àti iye ọjà tó yẹ kó wà nílẹ̀. Ọṣẹ olómi là ń ṣe. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń rọ ọ́ sínú ìgò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Àwọn ará ọjà títà ní àwọn máa ta páálí 40,000 ní oṣù tó ń bọ̀, 42,000 ní oṣù tó tẹ̀ lé e, 55,000 ní oṣù kẹta, 60,000 ní oṣù kẹrin, torí ìgbà yẹn ni ọjà wa máa ń yá jù. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ lè ṣe 50,000 lóṣù. Páálí 20,000 ló wà ní ilé ẹrù báyìí, ẹ̀ka ìnáwó sì ti fàlà sí i pé ìparí oṣù kankan ò gbọdọ̀ bá ju 20,000 nílẹ̀, torí owó ló sùn síbẹ̀.

Tí a bá ti jókòó, ìjà oṣù tó kọjá la máa ń jà. Ta ló jẹ́ kí ìgò tán? Ta ló ní kí a ṣe aláwọ̀ ewé tí kò tà? Tí wákàtí mẹ́rin bá fi kọjá, ọ̀gá àgbà á dìde, gbogbo wa á tú ká. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ilé ẹrù kún, síbẹ̀ oníbàárà ń padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àrẹ̀mú
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ àkókò ni. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń ṣe tiwa, ní ìdúró, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́, ìgò wo ló kù, ó tán. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ìdúró, ẹ máa rí i pé ìjà náà á dínkù.

Mopélọ́lá
Ẹ ṣeun, mà. A ní irú ìyẹn náà, ó sì ń lọ dáadáa. Ti oṣooṣù ló ń dà mí láàmú, èyí tí a fi ń wo oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà síwájú. A ò lè parí ìyẹn ní ìdúró.

Délé
Àbúrò, kí a tó sọ nǹkan kan nípa ìpàdé, mi ò gba nọ́ńbà méjì gbọ́ nínú ohun tí o kọ. Àkọ́kọ́ ni 50,000 yẹn. Ó jọ iye tí ẹ̀rọ lè ṣe tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ láàárín òórùn kan sí èkejì, tí kò bá dákú, tí ìgò ò sì tán. Má bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Lọ wo ìwé ohun tó ṣe gan-an ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Èkejì ni ti ọjà títà. Báwo ni iye tí wọ́n sọ ṣe ń bá iye tí wọ́n tà mu? Má lo èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, torí ìyẹn á máa sún mọ́ òótọ́ nígbà gbogbo. Ìgò yín ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kó tó dé?

Mopélọ́lá
Ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ, sà.

Délé
Ó dáa. Iye tí wọ́n sọ ní oṣù méjì ṣáájú ni kí o fi wé e, torí òun lẹ fi ra ìgò. Kọ oṣù mẹ́fà sílẹ̀, kí o má sì yọ àmì kúrò: tí wọ́n bá sọ jù, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá sọ kéré, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí àṣìṣe bá ń lọ sókè sódò, ìyẹn ni ọjà tó wà nílẹ̀ wà fún. Tó bá jẹ́ apá kan ló ń lọ ṣáá, ìṣòro mìíràn nìyẹn.

Mopélọ́lá
Mo ti wò ó, sà. Oṣù mẹ́fà, wọ́n sọ 246,000 lápapọ̀, wọ́n ta 213,000. Kò sí oṣù kan tí wọn ò sọ jù. Ẹ̀rọ náà, ní àwọn oṣù tí a ò dá a dúró, 43,000 ló ń ṣe lóṣù tí a bá pín in dọ́gba. Oṣù tó dáa jù, 45,500 ni. Kò dé 50,000 rí.

Táyé
Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn! Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá pè, 87 ni wọ́n ń tà. Ìwọ ṣáà ge 13 kúrò nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá mú wá, kí o fi ìyókù ṣètò. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Délé
Táyé, ìṣirò rẹ tọ̀nà, ó sì yẹ kí Mopélọ́lá rí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. 40,000 á di nǹkan bí 35,000, 42,000 á di 36,500, 55,000 á di 48,000, 60,000 á di 52,000.

Tí a bá fi iye tí wọ́n sọ ṣiṣẹ́, pẹ̀lú 43,000 lóṣù, ọjà tó máa kù ní ìparí oṣù á jẹ́ 23,000, lẹ́yìn náà 24,000, lẹ́yìn náà 12,000, ní oṣù kẹrin ọjà á fi páálí 5,000 dín. Gbogbo ènìyàn á máa pariwo ófátáìmù. Tí a bá fi èyí tí a gé ṣiṣẹ́, á jẹ́ 28,000, 34,500, 29,500, lẹ́yìn náà 20,500. Agbára ẹ̀rọ tó, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọjà láti ìsinsìnyí.

Ṣùgbọ́n má gé e ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn ará ọjà títà bá mọ̀ pé o ń gé 13, wọ́n á fi 13 kún un ṣáájú, o ò sì ní mọ ibi tí òótọ́ wà mọ́. Gbé ìwé oṣù mẹ́fà yẹn kalẹ̀ níwájú wọn, kí o béèrè ohun tó fà á.

Sẹ́kínà
Ará ọjà títà ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á níbi tèmi. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, ẹni tó pe iye tó pọ̀ ni wọ́n máa ń pín in fún jù. Mo sọ òótọ́ ní ọdún kan, mo pe 4,000, wọ́n fún mi ní 2,500. Ẹlòmíràn pe 8,000, wọ́n fún un ní 5,000, mo sì mọ̀ pé kò lè tà tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ máa rí i pé ẹnu mi ti gbòòrò. Ẹ yí bí ẹ ṣe ń pín in padà, iye tí a ń pè á wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kejì: 213,000 yẹn, ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ lẹ tà. Ó ní oníbàárà tó padà lọ́wọ́ òfo. Ta ló ka ìyẹn?

Mopélọ́lá
Ẹnikẹ́ni ò kà á, mà. Oṣù kẹta nínú mẹ́fà yẹn, aláwọ̀ òféèfé tán fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá nígbà tí mo ń ṣe ìṣirò.

Délé
Sẹ́kínà sọ ohun tó ṣe kókó ju tèmi lọ. 87 yẹn lè jẹ́ 90, ó lè jẹ́ 92. Ẹ má ka ohun tí mo ṣírò sí àṣẹ.

Akin
Ẹ̀ka ìnáwó ni mo wà, ẹ má bínú. 34,500 ní oṣù kejì? Ìyẹn fi 14,500 ju ààlà lọ. Owó báńkì ni a fi ń ra ohun tí a fi ń ṣe ọṣẹ yẹn, èlé sì ń gùn lé e lójoojúmọ́. Èmi rò pé kí gbogbo ẹ̀ka gba iye tó wà nínú ìṣúná ọdún, torí òun ni a fi ṣèlérí fún báńkì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Délé
Akin, lórí èlé, mo gbà. Lórí ìṣúná, mi ò gbà. Àwọn ènìyàn ti kọ ìṣúná ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn. Tí ẹ bá fi dandan sọ pé òun la máa tà, ẹ̀rọ á ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ẹ kọ ohun tí a rò pé a máa tà sílẹ̀, ẹ kọ ìṣúná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn hàn ní owó. Iṣẹ́ ọ̀gá àgbà ni láti mọ ohun tí òun máa fi dí i.

Mopélọ́lá, wo ibi tí ìpàdé yín ti yẹ kó parí sí. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe 43,000 láti ìsinsìnyí, kí ọjà ga sí 34,500, kí ó tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000 nígbà tí ọjà bá yá tán. Èkejì: ẹ pa ààlà ìnáwó mọ́, ẹ ṣe 35,000 àti 36,500 péré ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ìparí oṣù kẹta á bá 15,000, ìparí oṣù kẹrin á bá 6,000. Ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀ ni ìyẹn á gbà kó tó tán, bí ìgò kan bá pẹ́, ọjà tán nìyẹn. Jẹ́ kí Akin sọ iye èlé tó wà lórí àkọ́kọ́. Jẹ́ kí ọjà títà sọ ohun tí a máa pàdánù lórí èkejì. Gbé méjèèjì síwájú ọ̀gá àgbà, kí ó mú ọ̀kan, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mú un.

Akin
Bẹ́ẹ̀, ìyẹn ṣeé ṣe. Mo lè ṣírò èlé yẹn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ojú ìpàdé ni mo ti máa ń kọ́kọ́ rí nọ́ńbà.

Délé
Ìdí tí ẹ fi ń lo wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìwọ àti ọjà títà nìkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwọ àti àwọn ará ẹ̀rọ pẹ̀lú ilé ẹrù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Akin àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè parí nìkan ló kù fún ọ̀gá àgbà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wákàtí kan ààbọ̀ á sì tó o. Ọ̀rọ̀ ìgò tó tán lánàá, ti ìpàdé Ìyá Àrẹ̀mú ni.

Mopélọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ ńkọ́? Mẹ́ta la ní. Àpapọ̀ ló bọ́ sí i nínú ìṣirò yín, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé ló kún ilé ẹrù wa.

Délé
Àpapọ̀ ni ẹ máa sọ níwájú ọ̀gá àgbà, ẹ má gbé àwọ̀ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹ máa tọ́jú sílẹ̀ yẹn, òféèfé ni kó jẹ́, èyí tó dájú pé ó ń tà. Tí wọ́n bá fi aláwọ̀ ewé kún 34,500 yẹn, ọjà á pọ̀ nílẹ̀, oníbàárà á sì tún padà lọ́wọ́ òfo, bó ṣe rí lónìí gan-an.

Kúnlé ti ilé ẹrù
Lórí ohun tí Sẹ́kínà sọ o. A gbìyànjú kíka àwọn tí a dá padà. Oníbàárà kan náà béèrè ní ọjọ́ Ajé, ó tún béèrè ní ọjọ́ Rú, ó rán ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ ọ́. Nọ́ńbà wa wá ga ju òótọ́ lọ.

Sẹ́kínà
Ẹ kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́, ẹ á rí i pé ẹnì kan náà ni.

Kúnlé ti ilé ẹrù
Tó bá ti lọ ra á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó tó padà wá ńkọ́? Èyí tó bá wá ní ọjọ́ Ẹtì, ti àná ni tàbí tuntun?

Délé
Ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa ń lò: ẹni tó bá béèrè nínú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan ni mo kà á, mo sì mú iye tó pọ̀ jù nínú ohun tó béèrè. Mo mọ̀ pé ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn.

Mopélọ́lá
Màá bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbé ìwé oṣù mẹ́fà lọ bá àwọn ará ọjà títà, àwa nìkan, kò ní sí ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Sẹ́kínà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tí wọn ò fi ní rò pé ẹ̀sùn ni mo mú wá?

Sẹ́kínà
Kọ́kọ́ sọ ọjọ́ mọ́kànlá tí òféèfé tán fún wọn. Fi í kún ìṣirò rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí ìwé.